Àṣìṣe kan náà nínú àròkọ mẹ́fà: bí a ṣe ń kó o sójú ìwé kan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọdún kẹta girama àgbà ni mo wà. Olùkọ́ Yorùbá wa ti dá àròkọ mẹ́fà padà fún mi ní sáà yìí, bírò pupa kún inú gbogbo wọn. Mo máa ń ka àtúnṣe wọn, á sì yé mi, àmọ́ tí n bá kọ òmíràn, àwọn àṣìṣe yẹn náà ni mo tún máa ń ṣe. Wọ́n ní kí n kó wọn jọ sójú ìwé kan tí màá fi kàwé de ìdánwò. Mo kó wọn jọ lóòótọ́, ó di ojú ewé mẹ́rin, mi ò sì mọ bí màá ṣe lò ó. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Ìdáhùn: Má sọ ojú ewé mẹ́rin yẹn nù. Inú rẹ̀ ni ojú ìwé kan tí o ń wá yóò ti jáde.

Kó àròkọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà síwájú, kí o kọ nọ́ńbà 1 dé 6 sí orí wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú àkójọ rẹ, kọ nọ́ńbà àròkọ tí ó ti jáde. Iye àròkọ ni kí o kà, má ka iye ìgbà. Bí o bá ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ lẹ́ẹ̀méje nínú àròkọ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ kan péré ni o kò mọ̀. Wo ìwé atúmọ̀ èdè, ó tán. Èyí tó jáde ní 1, ní 3 àti ní 6, tí àkòrí wọn kò jọra, ti di bárakú fún ọwọ́ rẹ, òun ló ní àyè lójú ìwé náà. Kí o tó gba iye náà gbọ́, tún àwọn àròkọ yẹn kà fúnra rẹ, nítorí ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń fa ilà sábẹ́ àṣìṣe kan lẹ́ẹ̀kan, wọn á sì fi ìyókù sílẹ̀. Ibi tí bírò pupa kò dé kì í ṣe ibi tí o ti gbà á.

Iṣẹ́ tó kàn ló ṣòro jù, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò: pípín wọn sí ẹbí. Ká ní inú àkójọ rẹ ni a ti rí "nígbàtí", "gẹ́gẹ́bí", "jẹ́kí", "kòsí", "tani" àti "wípé". Bí o bá kọ ọ́ ní ìlà mẹ́fà, o ní ọ̀rọ̀ mẹ́fà láti há sórí, ìkeje á sì mú ọ lọ́jọ́ ìdánwò. Márùn-ún àkọ́kọ́ jẹ́ àṣìṣe kan ṣoṣo: o so ọ̀rọ̀ méjì tó yẹ kó dá dúró pọ̀. Ibi tí èyí ti ń wá kò jìnnà. Bíbélì àtijọ́ àti àwọn ìwé tó ṣáájú àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ni ojú ọ̀pọ̀ wa ti mọ́, "nigbati" sì kún inú wọn.

Ìlà kan wá tó fún márààrún, bí o bá lè rí ìbéèrè kan tí yóò mú gbogbo wọn. Ìpajẹ tí o ti kọ́ ní kíláàsì ni kí o lò: ṣé fáwẹ̀lì kan pa rẹ́ láàárín wọn? "Ní" àti "ìgbà" pàdé, fáwẹ̀lì kan pa rẹ́, wọ́n di "nígbà". Bẹ́ẹ̀ náà ni "tí ó" ṣe di "tó", tí "kí ó" di "kó". Àmọ́ láàárín "nígbà" àti "tí", kò sí ohun tó pa rẹ́, nítorí náà "nígbà tí" ni. Fi wo "gẹ́gẹ́ bí", "jẹ́ kí", "kò sí" àti "ta ni", wàá rí i pé bákan náà ni. Kọ ibi tí ìbéèrè náà kò ti ṣiṣẹ́ sí abẹ́ rẹ̀: orúkọ ènìyàn. Kò sí fáwẹ̀lì tó pa rẹ́ láàárín ọ̀rọ̀ inú "Olúwafẹ́mi", síbẹ̀ a kì í là á. Bí o kò bá kọ èyí sílẹ̀, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í la ohun tí kò yẹ ní lílà, àṣìṣe tuntun á sì gba ipò ti àtijọ́.

"Wípé" jọ wọ́n lójú, kì í ṣe ara wọn. Bí o bá là á, "mo gbọ́ wí pé", kò tíì tọ̀nà, nítorí "wí" jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tí gbólóhùn náà kò nílò. "Mo gbọ́ pé" ni. "Ó wí pé òun ń bọ̀" dára, torí pé ẹnì kan wí nǹkan níbẹ̀. Ìlà tirẹ̀ lọ́tọ̀, pẹ̀lú ìbéèrè tirẹ̀: ta ló wí?

Ìlà kan tún wà tí mo rí pé akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ báyìí: "Kí n máa fi àmì ohùn sí i." Ó fẹ̀ jù. O kò lè fi yẹ ojú ewé méjì wò láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wo ibi tí àmì ohùn ti ń gbé ọ ṣubú gan-an. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ "ni", "ní" àti "ń" nìkan ló kó ìdajì wọn. "Bàbá mi ni olùkọ́" àti "Bàbá mi ní olùkọ́" dára méjèèjì, àmọ́ èkejì ń sọ pé bàbá ní ẹni tó ń kọ́ ọ. Sọ ọ́ di òdì kí o mọ èyí tí o fẹ́: "Bàbá mi kọ́ ni olùkọ́" tàbí "Bàbá mi kò ní olùkọ́". Bí ó bá jẹ́ ibì kan ló ń tọ́ka sí, bí i "ní Ìbàdàn", "níbo?" ni kí o bi í. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe ló tẹ̀ lé e, tí iṣẹ́ náà ń lọ lọ́wọ́, "ń" ni.

Ìlà kọ̀ọ̀kan yóò wá ní ìbéèrè lápá òsì, àpẹẹrẹ tó tọ̀nà láti inú gbólóhùn tìrẹ lápá ọ̀tún, àti nọ́ńbà àwọn àròkọ tó ti jáde. Èyí tí kò tọ̀nà, ẹ̀yìn ìwé ni kí o gbé e sí. Ojú máa ń mọ ohun tó ń rí lójoojúmọ́, n kò sì fẹ́ kó jẹ́ "nígbàtí" ni ojú rẹ yóò máa rí. Má jẹ́ kí ìlà náà ju mẹ́jọ lọ. Èyí tó jáde nínú àròkọ tó pọ̀ jù ni kó wà lókè. Bí olùkọ́ bá kọ "ìpínrọ̀ kò so pọ̀", tí o kò mọ ohun tó túmọ̀ sí, mú ibi méjì tí ó kọ ọ́ sí lọ bá a kí ó fi hàn ọ́. Má kọ ọ̀rọ̀ tí kò yé ọ sójú ìwé náà.

O kò lè mú un wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, nítorí náà ìbéèrè ni kí o há, kì í ṣe ìdáhùn. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kọ ìbéèrè mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jáde lórí láìwo ìwé. Bí o bá parí àròkọ tuntun, kí o tó fi sílẹ̀, fi ìlà kan ṣoṣo yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí o tó mú ìlà kejì. Ti ọ̀rọ̀ tí a so pọ̀, láti gbólóhùn ìkẹyìn ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kí ìtàn má bàa gbé ọ lọ. Lọ́jọ́ ìdánwò, fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn sílẹ̀ fún ìlà mẹ́ta tó wà lókè.

Ìlà tí kò jáde mọ́ nínú àròkọ mẹ́ta tó tẹ̀ léra, gbé e lọ sí ẹ̀yìn ìwé. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá o lo "nígbà tí" rárá nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹlòmíràn ń sá fún ọ̀rọ̀ náà ni, kò tíì mọ̀ ọ́n kọ.