180 mg nínú igo méjì tí agbára wọn kò dọ́gba

Ìbéèrè: “Ẹ káàsán o. Dókítà kọ parasitamọ́ọ̀lù 180 mg fún ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Igo tó kù nílé kọ 120 mg/5 ml, èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní Ṣàgámù kọ 250 mg/5 ml. Mílílítà mélòó ni kí n fún un, ṣé mo sì lè da èyí tó kù mọ́ tuntun?”

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, màmá. Nínú igo tuntun, mílílítà 3.6 ni, nínú igo àtijọ́, mílílítà 7.5 ni. Ẹ fi iye mílígíráàmù tó wà lára igo pín iye tí dókítà kọ, kí ẹ wá fi iye mílílítà tó tẹ̀ lé e lára igo kan náà sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀.

```
180 ÷ 250 × 5 = 3.6 ml
180 ÷ 120 × 5 = 7.5 ml
```

Ìṣirò náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù yín á sì ṣe é. Bí oògùn bá ṣe le tó nínú igo ni omi tí ẹ óò fà yóò ṣe kéré tó, nítorí náà bí ẹ bá ṣírò tí igo 250 sì fún yín ní omi tó pọ̀ ju ti igo 120 lọ, ẹ ti gbé nọ́ńbà dorí kodò nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìṣirò kọ́ ló ṣe èmi ní jàǹbá. Ohun tó ṣe mí ní jàǹbá ni pé ojú mi rí nọ́ńbà àkọ́kọ́ lára igo, kò sì rí èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ọdún 2018, nígbà tí a ń gbé ní Òde-Rẹ́mọ, ọmọkùnrin mi jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́rìnlá, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ kílò 10. Ibà mú un, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà sì kọ “5 ml” sínú káàdì rẹ̀. Kò kọ mílígíráàmù, kò kọ agbára oògùn, kò kọ ohunkóhun mìíràn. Igo tó wà lórí tábìlì rẹ̀, tó jẹ́ 120 mg/5 ml, ló wò tó fi kọ ọ́, mílílítà 5 inú rẹ̀ sì tọ́ sí ọmọ mi lóòótọ́. Àmọ́ ta ló máa sọ fún mi pé ti igo yẹn nìkan ni? Mo mú “5 ml” sórí bí ẹni mú orúkọ ọmọ sórí, mo sì gbà pé iye tí ọmọ mi ń mu nìyẹn títí láé.

Nígbà tí ibà náà padà dé lóṣù tó tẹ̀ lé e, alẹ́ ti lẹ́, igo wa sì ti tán. Ọkọ mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ṣì ṣí sílẹ̀, ó sì mú igo kékeré kan bọ̀, irú èyí tí wọ́n ń kán sí ọmọ ọwọ́ lẹ́nu, tí omi inú rẹ̀ kò ju mílílítà 15 lọ. Ẹni tó tà á fún un sọ pé, “Parasitamọ́ọ̀lù ọmọdé kan náà ni.” Mo gbé igo náà sábẹ́ iná, mo sì wo ara rẹ̀ dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má rò pé n kò wò ó. Wọ́n kọ 100 mg/ml sí i. Mo rí 100, mo rántí 120, mo sì sọ lọ́kàn mi pé èyí tilẹ̀ rọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. N kò fọkàn sí i pé ní ti àkọ́kọ́, mílílítà 5 ló gbé mílígíráàmù 120, àmọ́ nínú èyí, mílílítà 1 péré ló gbé 100. Oògùn tí mo rò pé ó rọ̀ le ju ti àtijọ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́rin ó lé.

Ohun ìfamu kékeré kan wà nínú páálí rẹ̀ tí kò gba ju mílílítà 1 lọ. Mo rò ó pé èmi yóò fà á lẹ́ẹ̀marùn-ún kó tó pé mílílítà 5, ó sì sú mi. Mo jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo mú sírínjì wa àtijọ́. Ìfamu yẹn gan-an ló yẹ kó ta mí jí, nítorí kò sí ẹni tó ń ṣe ìfamu mílílítà 1 fún oògùn tí ọmọ óò mu mílílítà 5 rẹ̀.

Mo fún un ní mílílítà 5 ní agogo mọ́kànlá alẹ́, mo tún fún un ní agogo márùn-ún ìdájí. Ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀, mo tẹ igo náà dojú dé kí ẹ̀kán tó kù lè bọ́ sínú sírínjì, mo fún ọmọ, mo sì gbé òfìfo igo kalẹ̀. Ìgbà yẹn ni ara mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fu. Ti àtijọ́ pẹ́ lọ́wọ́ wa, báwo ni ti èyí ṣe tán ní ẹ̀ẹ̀mẹta péré? Mo tún gbé igo náà, mo ka ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ síta, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn èkejì, títí mo fi dé ibi tí wọ́n kọ “ml” sí láìsí 5 níwájú rẹ̀. Mílígíráàmù 500 ni mo ti ń fún ọmọ tó yẹ kó mu 120. Ẹ̀ẹ̀mẹta rẹ̀ jẹ́ 1500 láàárín wákàtí méjìlá, fún ọmọ tó jẹ́ pé 600 ni òpin ohun tó yẹ kó wọ inú rẹ̀ ní ọ̀sán àti òru. Ibi tí mo ti rí 600 ni pé mílígíráàmù 10 sí 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan ni ti ẹ̀ẹ̀kan, kò sì gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24.

A sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń fa gèlè orí mi, ara rẹ̀ sì tutù. Òṣìṣẹ́ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà wò ó, ó ní ọmọ yìí kò ṣàìsàn, kí a lọ gba káàdì, kí a sì tò sórí ìlà. A jókòó síbẹ̀ ju wákàtí méjì lọ. Títí di òní, bí mo bá rántí ìjókòó yẹn, inú mi a máa ru, nítorí bí parasitamọ́ọ̀lù tó pọ̀ jù ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́, ẹ̀dọ̀ kì í sì í pariwo lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ lè bì díẹ̀, ó sì lè má bì rárá. Ó lè máa ṣeré bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, kí ìbàjẹ́ náà tó fara hàn nínú ẹ̀jẹ̀ láti ọjọ́ kejì lọ, kí ẹyinjú tó wá ní àwọ̀ ìyeyè. Ẹni tó bá ń dúró de àmì kó tó gbé ọmọ lọ ti pẹ́.

Dókítà tó wá rí wa lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn kọ́kọ́ bi mí bóyá n kò mọ ìwé kà ni. N kò dá a lóhùn, mo kàn gbé òfìfo igo náà lé e lọ́wọ́. Nígbà tó kà á tán, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Igo yẹn ló jẹ́ kó mọ ohun tó ń bá jà, nítorí náà, bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má sọ igo nù. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ní kí a wá oògùn tó ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ parasitamọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń pè ní asẹtaisísítéènì. Kò sí nínú ilé oògùn wọn. Àbúrò ọkọ mi ló rí i ní Èkó, tó sì gbé e dé lálẹ́. Wákàtí 21 ni wọ́n fi ń kán an sínú iṣan ọmọ, èmi sì ń di ọwọ́ rẹ̀ mú kó má fa abẹ́rẹ́ náà yọ. Bí oògùn náà bá ṣe tètè wọlé tó ni ó ṣe ń gba ẹ̀dọ̀ là tó, ẹ wá ro wákàtí méjì orí ìlà mọ́ ọn. Àyẹ̀wò ọjọ́ kejì fi hàn pé ara ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń dùn ún díẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹrin, ó ti ń padà bọ̀ sípò. Ara rẹ̀ yá, mo dúpẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń yọ gbogbo òṣìṣẹ́ ìlera lẹ́nu láti ìgbà náà. Bí wọ́n bá sọ mílílítà fún mi, mo máa ń ní kí wọ́n kọ mílígíráàmù rẹ̀ àti agbára igo tí wọ́n ní lọ́kàn sílẹ̀. Wọ́n a máa bínú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bínú.

Ẹ kò sọ ìwọ̀n ọmọ yín fún wa. Mílígíráàmù 180 bá ọmọ tó wà láàárín kílò 12 sí 18 mu. Bí tiyín kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ padà bi dókítà náà kí ẹ tó fún un. Ìwọ̀nba wákàtí mẹ́rin ló kéré jù láàárín ẹ̀ẹ̀kan àti èkejì. Ẹ sì wo ara oògùn ọ̀fìnkìn yòówù tí ẹ bá tún fẹ́ fún un, nítorí parasitamọ́ọ̀lù máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ wọn.

Ní ti bí ẹ óò ṣe fa 3.6, sírínjì mílílítà 5 ni kí ẹ lò, láìsí abẹ́rẹ́, kí ẹ sì sọ ọmọrí rẹ̀ nù kó má bàa há ọmọ lọ́fun. Ìlà kékeré kọ̀ọ̀kan lára rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 0.2, nítorí náà ìlà kẹta lókè 3 ni 3.6. Fún 7.5, ẹ fa 5, kí ẹ tún fa 2.5, tó bọ́ sáàárín ìlà 2.4 àti 2.6. Kí ẹ kọ́kọ́ gbọn igo náà dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣíbí ìjẹun wọ̀n ọ́n. Ṣíbí tí a fi ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ nílé mi gba mílílítà 11 nígbà tí mo fi sírínjì wọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ń pè é ní ṣíbí kan.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ìbéèrè yín kejì. Ẹ má da ọ̀kan mọ́ èkejì. Bí wọ́n bá ti pòpọ̀, agbára wọn á bọ́ sáàárín 120 àti 250, kò sì sí ọ̀rọ̀ ara igo kankan tó máa sọ iye tó jẹ́ fún yín mọ́. Ẹ lo ti àtijọ́ tán tí ọjọ́ rẹ̀ kò bá tíì kọjá, kí ẹ tó ṣí tuntun. Ohun tí èmi ń ṣe ni pé mo máa ń lẹ pílásítà mọ́ igo kọ̀ọ̀kan, mo sì máa ń fi bírò kọ mílílítà tirẹ̀ sí i. Ẹ kọ 7.5 sára ti àtijọ́ àti 3.6 sára ti tuntun, àti 180 mg sábẹ́ méjèèjì. Ọjọ́ tí dókítà bá kọ iye mìíràn, ẹ ya pílásítà náà dànù, kí ẹ tún un ṣírò.