Wébíìlì ní páálí 40, ínfọ́ìsì ní rímù 200: èló ni kí a san?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀ka akáńtì ni mo wà. Ìwé àṣẹ ìràjà wa ní kí wọ́n kó rímù 200 pépà A4 wá, 60 ni rímù kan, owó ọkọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Wébíìlì tó bá ọjà wá sọ pé páálí 40. Sítóókípà buwọ́ lù ú, ó sì fi bírò kọ "omi wọ 2" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ínfọ́ìsì tó dé báyìí ní rímù 200, 63 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú 150 fún ọkọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12,750. Olùtajà ń pè mí lójoojúmọ́ pé ọjọ́ ìsanwó ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ṣé kí n san án, kí n yọ díẹ̀ kúrò, àbí kí n dá gbogbo rẹ̀ dúró?

Ìdáhùn: Ẹ má san 12,750 yẹn, ẹ má sì tíì dá owó kankan yọ fúnra yín. Ìwé mẹ́ta ló wà níwájú yín, ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè jẹ́rìí sí kò sì jọra. Ìwé àṣẹ ìràjà ló mọ iye owó àti àdéhùn. Wébíìlì àti àkọsílẹ̀ sítóò ló mọ iye ọjà tó wọlé. Ohun tí olùtajà ń bèèrè nìkan ló wà nínú ínfọ́ìsì, kò sì lè jẹ́rìí fún ara rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi ínfọ́ìsì bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò. Ẹ mú iye ọjà láti sítóò, ẹ mú owó ọ̀kọ̀ọ̀kan láti inú ìwé àṣẹ, ẹ ṣírò ohun tó yẹ kí ẹ san, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá wo ohun tí olùtajà kọ.

Kí ẹ tó ṣírò ohunkóhun, ẹ rí i dájú pé ọjà kan náà ni ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ. Nọ́ńbà ìwé àṣẹ yín gbọ́dọ̀ wà lórí wébíìlì, kí nọ́ńbà méjèèjì sì wà lórí ínfọ́ìsì. Tí olùtajà bá kó ọjà wá lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lórí ìwé àṣẹ kan ṣoṣo, wébíìlì àkọ́kọ́ lè bọ́ sábẹ́ ínfọ́ìsì kejì, kí ẹ sì máa wá àléébù tí kò sí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ sọ gbogbo òǹkà di irú kan. Páálí ni wébíìlì fi kà, rímù ni ìwé àṣẹ àti ínfọ́ìsì fi kà. Rímù márùn-ún ló sábà máa ń wà nínú páálí pépà A4 kan, ṣùgbọ́n ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀ láìwò: ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí fúnra rẹ̀, nítorí àwọn kan wà tí kò tó márùn-ún. Tí ó bá jẹ́ márùn-ún lóòótọ́, páálí 40 jẹ́ rímù 200, kò sì sí ìjà láàárín 40 àti 200. Ibi tí ìjà wà ni ọ̀rọ̀ kékeré tí sítóókípà fi bírò kọ.

Ẹ lọ bá sítóókípà fúnra yín lórí ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí "omi wọ 2" kò tíì sọ nǹkan tó pọ̀ tó. Ṣé páálí 2 ni tàbí rímù 2? Ṣé ọkọ̀ tó gbé e wá ló gbé e padà, àbí ó ṣì wà ní igun sítóò? Ṣé pépà inú rẹ̀ ló bàjẹ́, àbí ara páálí nìkan ni omi kàn? Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ló ń yí iye tí ẹ máa san padà. Tí ó bá jẹ́ páálí 2, tí pépà inú wọn kò sì wúlò mọ́, páálí 38 lẹ gbà, ìyẹn rímù 190. Tí ó bá jẹ́ rímù 2 péré, 198 lẹ gbà. Ẹ sì rántí pé ìbuwọ́lù sórí wébíìlì kò sábà jẹ́rìí sí ju iye páálí tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ. Kò jẹ́rìí sí ohun tó wà nínú wọn. Ìwé ìgbàwọlé tí sítóò kọ lẹ́yìn tí wọ́n tú ọjà wò ló lágbára jù lórí iye ọjà tó dára.

Ohun kan tún wà níbí tó máa ń fa àríyànjiyàn gan-an: ẹ̀dà wébíìlì kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀kan dúró lọ́dọ̀ yín, awakọ̀ mú òmíràn padà lọ fún olùtajà. Tí sítóókípà bá kọ ọ̀rọ̀ omi yẹn sórí ẹ̀dà yín nìkan lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti lọ, ẹ̀dà tó mọ́ tónítóní ni olùtajà ní lọ́wọ́. Kò purọ́ nígbà tó kọ 200 sínú ínfọ́ìsì, ohun tí ìwé rẹ̀ sọ ló tẹ̀ lé. Ẹ ní kó fi àwòrán ẹ̀dà tirẹ̀ ránṣẹ́. Tí ọ̀rọ̀ náà bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìbuwọ́lù awakọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí lórí iye ọjà. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ máa nílò àwòrán páálí náà, ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ fi tó olùtajà létí, àti ohun tí àdéhùn yín sọ nípa iye ọjọ́ tí ẹ ní láti kéde ọjà tó bàjẹ́. Ẹ tọ́jú páálí méjèèjì títí olùtajà yóò fi rí wọn tàbí tí yóò kọ̀wé pé kí ẹ dà wọ́n nù.

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé páálí 2 ni. Rímù 190 ní 60 jẹ́ 11,400. Ínfọ́ìsì jẹ́ 12,750, nítorí náà ìyàtọ̀ jẹ́ 1,350. Ọ̀nà mẹ́ta ló gbà wọlé: rímù 10 tí ẹ kò gbà, ní 60, jẹ́ 600; 3 tí wọ́n fi kún owó rímù kọ̀ọ̀kan, lórí rímù 200, jẹ́ 600; owó ọkọ̀ jẹ́ 150. Ẹ ṣọ́ra níbí. Tí ẹ bá fi 63 ṣírò rímù 10 náà, ẹ máa rí 630, àpapọ̀ yín yóò sì di 1,380. 30 tó lé yẹn ni àfikún 3 lórí rímù 10 náà, tí ẹ ti kà nínú ọ̀nà kejì. Olùtajà tó bá mọ ìṣirò yóò rí i, yóò sì máa ṣiyèméjì nípa gbogbo ohun yòókù tí ẹ sọ.

Ìdí tí mo fi pín in sí mẹ́ta ni pé ẹni tó lè yanjú ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Sítóò ló ń dáhùn fún rímù 10. Ẹni tó ra ọjà ló ń dáhùn fún 63: ẹ bi í bóyá ó gba owó tuntun ní àkọsílẹ̀ kí ọjà tó dé. Tí ó bá gbà á, tí ó sì ní àṣẹ láti gbà á, àtúnṣe ìwé àṣẹ tó ní ọjọ́ lórí yẹ kó wà. Tí ó bá jẹ́ pé orí fóònù ni wọ́n ti sọ ọ́, 60 ló ṣì dúró títí ẹni tó ní àṣẹ yóò fi kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ gbà ni kí ẹnikẹ́ni lọ tún ìwé àṣẹ ṣe lónìí kó lè bá ínfọ́ìsì mu. Ìwé tí a fi ń yẹ ínfọ́ìsì wò kò níṣẹ́ mọ́ ní ọjọ́ tí a bá ti ń fi ínfọ́ìsì tún un ṣe. Ní ti owó ọkọ̀, ìwé àṣẹ yín ti sọ pé ó wà nínú 60, kò sí ohun tí ẹ tún fẹ́ bi ẹnikẹ́ni.

Àwọn iléeṣẹ́ kan máa ń fàyè gba ìyàtọ̀ kékeré kí wọ́n má baà máa fi wákàtí kan lépa owó tí kò tó nǹkan. Tí irú òfin bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́dọ̀ yín, ẹ wò ó, àmọ́ 3 lórí 60 jẹ́ ìdá 5 nínú 100, kì í sì í ṣe kékeré. Àyè yẹn kò sì yẹ kó bo ọjà tí ẹ kò gbà rárá.

Ẹ kọ̀wé sí olùtajà lónìí, kó má jẹ́ ọjọ́ ìsanwó gan-an ló máa kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́tà kúkúrú ti tó:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Lórí ínfọ́ìsì yín tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lókè yìí, 11,400 la rí pé ó tọ́. Ìyàtọ̀ 1,350 rèé: rímù 10 tí omi bàjẹ́ jẹ́ 600; 63 tí ẹ kọ dípò 60 jẹ́ 600; owó ọkọ̀ tó ti wà nínú owó ọjà jẹ́ 150. A fi ìwé àṣẹ, wébíìlì àti àwòrán páálí méjèèjì mọ́ ọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi kírédíìtì nóòtì 1,350 ránṣẹ́, tàbí kí ẹ fagi lé ínfọ́ìsì yìí kí ẹ sì kọ òmíràn."

Kírédíìtì nóòtì ni ìwé tí olùtajà fi ń yọ owó kúrò lára ínfọ́ìsì tó ti kọ. Òun ló fà á tí mo fi ní kí ẹ má dá owó yọ fúnra yín. Tí ẹ bá kàn san 11,400, ẹ̀yin lè gbà pé ó parí, ṣùgbọ́n 1,350 ṣì wà nínú ìwé olùtajà bíi gbèsè, yóò sì máa tẹ̀ lé yín láti oṣù dé oṣù. Ẹ má sì fi bírò tún ínfọ́ìsì kọ. Níbi tí owó orí bá wà lórí ọjà, owó orí náà gbọ́dọ̀ dín kù pẹ̀lú iye ọjà, ìwé tí olùtajà fúnra rẹ̀ kọ nìkan ló sì lè ṣe ìyẹn.

Tí kírédíìtì nóòtì kò bá tíì dé nígbà tí ọjọ́ ìsanwó pé, èmi yóò san 11,400 tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀, tí àdéhùn yín àti ọ̀gá tó ń fọwọ́ sí owó bá gbà bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìsanwó pé 1,350 ń dúró de kírédíìtì nóòtì. Kò tọ́ kí owó rímù 190 tó ti wà nínú sítóò há nítorí rímù 10.

Tí ínfọ́ìsì tuntun ni olùtajà bá fi ránṣẹ́ dípò kírédíìtì nóòtì, nọ́ńbà tuntun ló máa ní, ẹ̀rọ yín kò sì ní mọ̀ pé ó rọ́pò èyí àtijọ́. Ẹ fagi lé èyí àtijọ́ lọ́jọ́ kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ lè san méjèèjì. Ẹ fi nọ́ńbà báńkì tó wà lórí tuntun wé ti àtijọ́. Tí ó bá yàtọ̀, ẹ pe olùtajà lórí nọ́ńbà fóònù tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀, ẹ má pe èyí tó wà lórí ìwé tuntun náà, nítorí irú àkókò báyìí ni àwọn oníjìbìtì máa ń wọlé.

Ó ku rímù 10 tó ṣì ṣí sílẹ̀ lórí ìwé àṣẹ. Ẹ bi ẹni tó ra ọjà bóyá ẹ ṣì fẹ́ kí olùtajà kó wọn wá. Tí ẹ bá fẹ́, kó wá pẹ̀lú wébíìlì tirẹ̀ àti ínfọ́ìsì tirẹ̀, ní 60. Tí ẹ kò bá fẹ́, ẹ ti ìwé àṣẹ náà pa sí 190, kí ínfọ́ìsì rímù 10 kankan má baà rí ibi wọlé lọ́jọ́ iwájú.