Bí mo ṣe kọ káàdì "ṣé 300 tó?" kí n tó lọ gbèjà àpilẹ̀kọ mi

"Ẹ jọ̀ọ́, ó ku ọjọ́ 12 kí n lọ gbèjà àpilẹ̀kọ mi. Mo ti kọ ìbéèrè 60 àti ìdáhùn wọn sórí káàdì, àmọ́ bí mo bá lanu, ńṣe ló ń dà bíi pé mò ń ka ìwé jáde. Tí wọ́n bá sì yí ìbéèrè náà padà díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á pòórá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, báwo lẹ ṣe kọ tiyín?"

Ẹ kú ìmúra o. Ohun tó ṣe yín yìí ló ṣe mí nígbà tí mo ń gba oyè másítà. Mo há káàdì 48 sórí. Olùdánwò tó wá láti ìta ṣí orí kẹta, ó fi ìka tẹ nọ́ńbà kan, ó ní, "Níbo lẹ ti rí 0.05 yìí?" Kò sí nínú ohun tí mo há. Mo ní ohun tí gbogbo èèyàn ń lò ni. Wọ́n ní kí n lọ tún orí kẹta kọ, oṣù mẹ́ta ló sì gbà mí. Nígbà tó kan ti ọ̀mọ̀wé, káàdì 20 péré ni mo kọ, mo sì kọ wọ́n lọ́nà mìíràn. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹyọ kan hàn yín dáadáa, èyí tó dá lórí iye ènìyàn tí mo fún ní ìwé ìbéèrè, torí pé òun ló kó mi sí wàhálà tẹ́lẹ̀.

Níwájú káàdì, ẹ má kọ àkọlé bí ti inú ìwé. "Ṣàlàyé bí o ṣe yan àwọn olùkópa" kì í ṣe ohun tí wọ́n máa sọ. Ohun tí mo kọ ni "Ẹ rò pé 300 tó?" Lábẹ́ rẹ̀, mo tún kọ ọ̀nà méjì mìíràn tí wọ́n lè gbà bi í: "Kí ló dé tí ẹ ò fi bi gbogbo wọn?" àti "Níbo ni 300 ti wá?" Ìbéèrè mẹ́ta, ìdáhùn kan. Bẹ́ ẹ bá tú 60 tiyín wò, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ìdáhùn wọn á bọ́ sí ojú kan náà.

Kí n tó kọ ẹ̀yìn káàdì, mo ní láti kọ́kọ́ lóye ìṣirò náà fúnra mi. Òṣìṣẹ́ 1200 ló wà níbi tí mo ti ṣe ìwádìí, ìlànà Taro Yamane ni mo sì lò:

```
n = N / (1 + N × e²)
n = 1200 / (1 + 1200 × 0.05²)
n = 1200 / 4
n = 300
```

`e` ni àlàfo àṣìṣe tí mo gbà láàyè. Tí 60 nínú 100 àwọn tí mo bi bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mò ń sọ ni pé láàárín gbogbo òṣìṣẹ́ 1200 náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 55 sí 65 nínú 100. Ohun tí 0.05 ń ṣe níbí nìyẹn. Kì í ṣe 0.05 tí a fi ń wo `p` nígbà tí a bá ń dán èrò ìwádìí wò. Nọ́ńbà wọn jọra, iṣẹ́ wọn ò jọra rárá, ibẹ̀ sì ni mo ti ṣubú nígbà àkọ́kọ́. Ohun mìíràn wà tí ìlànà náà gbé mì: ó ti gbà pé ìdánilójú wa jẹ́ 95 nínú 100, tí a fi 2 dúró fún, ó sì gbà pé ìdajì àwọn ènìyàn á sọ bẹ́ẹ̀ ni, ìdajì á sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. 2² × 0.5 × 0.5 jẹ́ 1, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí wọn nínú ìṣirò. Ẹni tó bá mọ ìyẹn, ẹ̀rù ìbéèrè yìí ò tún bà á mọ́.

Ẹ̀yìn káàdì mi ò wá ní odindi gbólóhùn kankan. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: "300 / 1200. Àlàfo 5. Ìdánilójú 95. Pín 340, gba 306. Ẹ̀ka kékeré: rárá. Ojú ìwé 62, àtẹ 3.2." Ó tán. Láti inú rẹ̀ ni mo ti ń sọ ọ́ lẹ́nu báyìí:

"300 ló kéré jù tí mo nílò nínú òṣìṣẹ́ 1200, kí èsì mi má baà fi ju 5 nínú 100 jìnnà sí òótọ́, pẹ̀lú ìdánilójú 95 nínú 100. Mo pín ìwé 340 torí mo mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ ò ní padà; 306 ló padà. Iye yìí tó fún gbogbo òṣìṣẹ́ lápapọ̀, kò tó láti fi sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ka kékeré kan ṣoṣo."

Nọ́ńbà ló ṣíwájú, ibi tí agbára iṣẹ́ náà mọ ló kẹ́yìn. Mo fi aago fóònù wọ̀n ọ́n, kò lé ní ìdajì ìṣẹ́jú. Tó bá ti ń lọ sí ìṣẹ́jú kan, mo mọ̀ pé mo ti ń dáhùn ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi mí.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn á fa ìbéèrè mìíràn, mo sì fẹ́ kó fà á, torí mo ti ń dúró dè é. Ẹ̀ka mẹ́rin ló wà níbẹ̀: 480, 360, 240 àti 120. Bí mo ṣe pín 300 sí wọn ní ìwọ̀n bí wọ́n ṣe pọ̀ tó, ó di 120, 90, 60 àti 30. Ẹ fi 30 àti 120 sínú ìlànà kan náà, kí ẹ wá `e`: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 0.16. Ìyẹn ni pé 60 nínú 100 ní ẹ̀ka yẹn lè jẹ́ 44, ó sì lè jẹ́ 76. Kí n má fi dá ẹjọ́ kankan lórí ẹ̀ka yẹn ló dáa. Mo fi bírò pupa kọ ọ́ sísàlẹ̀ káàdì: "àlàfo 16, má jiyàn."

Ti ìwé 34 tí kò padà, káàdì tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Bí àwọn tí kò dáhùn bá yàtọ̀ sí àwọn tó dáhùn, kò sí ìlànà Yamane kankan tó lè tún un ṣe. Mo lọ wo ẹ̀ka tí wọ́n ti wá, mo sì kọ ohun tí mo rí.

Láti fi dánra wò, mo kó káàdì fún àbúrò mi tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ mi. Mo ní kó dà wọ́n rú, kó má sì ka ìbéèrè bí mo ṣe kọ ọ́, kó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ bi mí. Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo kọsẹ̀ lórí 11. Àwọn 11 yẹn nìkan la ṣe lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kan kí n tó lọ, mo kó káàdì tì, mo lẹ bébà aláwọ̀ mọ́ àwọn ojú ìwé àpilẹ̀kọ tí mo kọ nọ́ńbà wọn sórí káàdì, torí àpilẹ̀kọ ni mo máa gbé wọlé.

Nígbà tó dọjọ́ náà, ìbéèrè kẹrin ni, "Ẹ̀ka yín tó kéré jù yẹn ńkọ́?" Mo ṣí ojú ìwé 62, mo ní, "30 péré ni wọ́n lórí ìṣirò, sà. Àlàfo rẹ̀ tó 16, mi ò sì fi dá ẹjọ́ kankan lórí ẹ̀ka yẹn." Wọ́n ní kí n fi gbólóhùn yẹn gan-an kún orí karùn-ún, wọ́n sì ṣí ojú ìwé mìíràn.