Àtọ̀ kì í di ìju

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ẹni ọdún 54 ni mí, ó ti lé ní ọdún 3 tí mi ò ti rí nǹkan oṣù mọ́. Wọ́n ní bí mo bá ń bá ọkọ mi sùn, àtọ̀ á dì sínú mi, á di ìju, torí kò sí ẹ̀jẹ̀ tí yóò fọ̀ ọ́ jáde mọ́. Ó tún máa ń dùn mí. Ṣé kí n kúkú jáwọ́?

Ìdáhùn: Màmá, irọ́ ni wọ́n pa fún yín. Irọ́ yìí ló ń lé ọ̀pọ̀ ìyá kúrò lórí ibùsùn ọkọ wọn.

Ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù kì í fọ àtọ̀. Awọ inú ilé ọmọ tó nípọn de oyún ló ń ya dànù bí oyún kò bá dé. Ẹ wo aláboyún: oṣù 9 ni kì í fi í rí nǹkan oṣù, ọ̀pọ̀ wọn sì ń bá ọkọ wọn sùn. Ìju wo ló ti ibẹ̀ wá? Àtọ̀ ẹ̀ẹ̀kan kì í sábà ju ṣíbí tíì kan lọ. Púpọ̀ nínú rẹ̀ á ṣàn jáde bí ẹ bá dìde, ara á sì pa ìyókù rẹ́.

Ẹ́sírójìn, èròjà ara obìnrin, ló ń bọ́ ìju. Bí nǹkan oṣù bá dúró, ẹ́sírójìn á wálẹ̀, ìju á sì máa súnkì. Nítorí náà, bí ikùn ìyá tó ti kọjá nǹkan oṣù bá ń wú, tí oúnjẹ díẹ̀ sì ń yó o, ẹ má dá àtọ̀ lẹ́bi. Jẹjẹrẹ ilé ẹyin lè bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Inú máa ń bí mi nígbà tí ìyá bá ti mu àgbo "àtọ̀ dídì" fún oṣù gbọọrọ kó tó wá ṣe síkáànù.

Ní ti ìrora, ẹ́sírójìn tó wálẹ̀ náà ló mú kí ojú ara fẹ́lẹ́, kó sì gbẹ. Bí ara bá sì ti ń retí ìrora, kò ní wù ú mọ́. Kì í ṣe pé ẹ ò fẹ́ràn ọkọ yín. Ẹ má ki álọ́ọ̀mù, kán-ún tàbí ewé bọ ibẹ̀, wọ́n á tún bó o ni. Ẹ ra jẹ́ẹ̀lì olómi tí wọ́n ń tà fún ìbálòpọ̀ nílé oògùn, ẹ fi pa ara yín àti ọkọ yín, kí ó má sì kánjú wọlé. Bí ẹ bá ń lo kọ́ńdọ̀mù, ẹ má fi fasilíìnì tàbí òróró kún un, ó ń mú kó ya.

Bí ìyẹn kò bá tó, dókítà lè kọ kíríìmù ẹ́sírójìn fún yín. Wọ́n sábà máa ń fi sí ojú ara lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 2, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó sì lè tó oṣù 2 tàbí 3 kí ìyàtọ̀ rẹ̀ tó hàn dáadáa. Ẹ má dá a rà o, pàápàá bí ẹ bá ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí. Mi ò tíì yẹ̀ yín wò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò ná.

Bí ẹ bá wá rí ẹ̀jẹ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀kán kan ṣoṣo, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Nǹkan oṣù kọ́ ló padà dé.