Bí a ṣe ń kéde àyípadà àkókò iṣẹ́ kó má baà di ẹjọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ní súpámákẹ́ẹ̀tì kan ní Gáríkì, níbí ní Àbújá. Òṣìṣẹ́ 12 ni mo ní. Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, aago 8 àárọ̀ sí aago 5 ìrọ̀lẹ́ la ń ṣe, Mọ́ńdè sí Sátidé. Ṣùgbọ́n ìgbà tí àwọn oníbàárà bá kúrò ní ọ́fíìsì ni wọ́n ń wá, ìgbà yẹn gan-an la sì ń tilẹ̀kùn. Mo fẹ́ pín wọn sí ṣífìtì méjì: aago 7 àárọ̀ sí 3 ọ̀sán, àti aago 1 ọ̀sán sí 9 alẹ́. Mi ò ní yọ kọ́bọ̀ nínú owó oṣù ẹnikẹ́ni, wákàtí iṣẹ́ wọn tiẹ̀ máa dín kù. Síbẹ̀, nígbà tí mo fi lọ súpáfáísọ̀ mi, ó ní ìjà ló máa dá sílẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ tí wọn ò fi ní rò pé mo fẹ́ rẹ́ wọn jẹ?

Ìdáhùn: Súpáfáísọ̀ yín mọ ohun tó ń sọ. Wákàtí iṣẹ́ lẹ̀ ń kà, aago tí àwọn máa délé làwọn òṣìṣẹ́ yín ń kà ní tiwọn.

Ìṣirò yín kò kù díẹ̀ káàtó o. Aago 8 sí 5, tí ẹ bá yọ wákàtí kan ìsinmi kúrò, wákàtí 8 ni lójúmọ́, 48 lọ́sẹ̀. Ṣífìtì tuntun yìí jẹ́ wákàtí 7 lójúmọ́ lẹ́yìn ìsinmi, 42 lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo kaṣíà tó ń gbé Máràrábá. Tó bá ṣíwọ́ ní aago 9, ó ṣì máa ka owó ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀, ó máa dúró létí títì de ọkọ̀, ó máa gba AYA kọjá sí Nyanya, ó ṣeé ṣe kí aago 10 ti kọjá kó tó délé. Ta ni kò mọ̀ nípa wan-ṣáàǹsì nílùú yìí? Ẹni tó bá sì wà ní ṣífìtì àárọ̀ ní láti jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Tó bá ní ọmọ ilé ìwé, ta ló máa mú ọmọ yẹn lọ? Bí ẹ bá wá bẹ̀rẹ̀ ìkéde yín pẹ̀lú “mo ti bá yín dín wákàtí kù”, wọ́n á wo ara wọn lójú, wọ́n á ní ọ̀gá kò mọ ọ̀nà tí a ń gbà délé.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, ẹ jókòó pẹ̀lú súpáfáísọ̀ yín, kí ẹ kọ orúkọ àwọn 12 náà àti ibi tí kálukú ń gbé. Ká ní márùn-ún wà lọ́nà Nyanya sí Máràrábá, mẹ́rin wà ní Kubwa, mẹ́ta sì ń gbé nítòsí, ní Gáríkì tàbí Apo. Ọ̀nà ilé ni kí ẹ fi pín wọn, ẹ má fi ìgbà tí wọ́n wọṣẹ́ tàbí ipò wọn pín in. Àwọn márùn-ún ọ̀nà Nyanya àti ẹnì kan nítòsí á jẹ́ ẹgbẹ́ kan. Àwọn mẹ́rin Kubwa àti méjì nítòsí á jẹ́ èkejì. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ á ṣe àárọ̀, èkejì á ṣe alẹ́; lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ wọ́n á pààrọ̀. Èrè rẹ̀ ni pé lálaalẹ́, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni èrò yín máa ń lọ. Ọkọ̀ kan tí ẹ bá bá dírẹ́bà rẹ̀ ṣe àdéhùn lóṣù tó láti kó gbogbo wọn. Ẹ kàn rí i pé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní kaṣíà tó tó àti ẹni tó lè di kọ́kọ́rọ́ mú.

Mọ́ńdè ni kí ìpààrọ̀ máa bọ́ sí. Ẹni tó bá ṣíwọ́ ní aago 9 alẹ́ Wẹ́sìdeè tó sì gbọ́dọ̀ wọṣẹ́ ní aago 7 àárọ̀ Tọ́sìdeè, wákàtí 10 péré ló wà láàárín, ọ̀nà ti jẹ mẹ́ta nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ Mọ́ńdè, Sọ́ńdè ti wà láàárín.

Ọ̀rọ̀ Fúráìdè tún wà níbẹ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹ ti rò ó. Aago 1 tí ẹ dá fún ṣífìtì kejì bọ́ sí àkókò Jímọ̀ gan-an. Ìlú tí a wà yìí, ẹni tó bá kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ lẹ́ mọ́ ògiri ti fa wàhálà lẹ́sẹ̀ kí ó tó la ẹnu. Ẹ jẹ́ kí ṣífìtì kejì máa wọlé ní aago 2:30 lọ́jọ́ Fúráìdè, kí ìsinmi àwọn Mùsùlùmí tó wà ní ṣífìtì àárọ̀ sì bọ́ sí aago 1. Àwọn tó kù nínú ṣífìtì àárọ̀ á máa tajà lọ. Ààbọ̀ wákàtí láàárín 2:30 sí 3 sì tó láti fi owó àti ọjà lé ara wọn lọ́wọ́. Gbogbo ṣífìtì kejì ni kí ẹ fún ní aago 2:30 yẹn, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Bó bá jẹ́ àwọn kan nìkan, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín pín ilé ìtajà yín sí méjì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ènìyàn síṣẹ́ tún ní láti rántí òfin. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tó sọ pé aago 8 sí 5, àdéhùn ni. Ẹ̀ka 13 nínú Òfin Òṣìṣẹ́ Nàìjíríà sọ pé àjọsọ ni wákàtí iṣẹ́, pé ẹni tó bá ń ṣe wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí kò dín ní wákàtí kan lápapọ̀, pé ó sì gbọ́dọ̀ ní odidi ọjọ́ ìsinmi kan láàárín ọjọ́ méje. Ẹ̀ka 7 ní tirẹ̀ ní kí agbanisíṣẹ́ fi àyípadà bẹ́ẹ̀ létí òṣìṣẹ́ ní kíkọ sílẹ̀, ó pẹ́ tán láàárín oṣù kan lẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má dúró de ẹ̀yìn ìbẹ̀rẹ̀ o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ni kí ìwé ti wà lọ́wọ́ wọn, nítorí ẹni tó ń wá aládùúgbò tó máa mú ọmọ lọ sílé ìwé kò lè rí i lọ́jọ́ méjì.

Ìkéde náà wá nìyí. Ẹ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn, kí ẹnì kan sì tún un sọ ní Háúsá fún ẹni tó bá nílò rẹ̀. Ní Yorùbá, bó ṣe yẹ kó rí nìyí:

“Láti Mọ́ńdè ọjọ́ báyìí, ilé ìtajà wa á máa ṣí ní aago 7 àárọ̀, á máa tì ní aago 9 alẹ́. Ṣífìtì méjì la máa ní: aago 7 sí 3, àti aago 1 sí 9. Lọ́jọ́ Fúráìdè, ṣífìtì kejì á wọlé ní aago 2:30. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ẹgbẹ́ méjèèjì á máa pààrọ̀. Orúkọ yín wà lẹ́yìn ìwé yìí. Owó oṣù kò yí padà. Wákàtí kan ìsinmi kò yí padà. Ọjọ́ Sọ́ńdè kò yí padà. Ọkọ̀ ilé iṣẹ́ á gbé àwọn ṣífìtì kejì délé lálaalẹ́, ilé iṣẹ́ ló máa san án. Ìdí tí a fi ṣe é ni pé lẹ́yìn aago 5 ni àwọn oníbàárà ń wá, a sì ń pàdánù wọn. A ti pinnu lórí aago tí a máa ṣí àti èyí tí a máa tì. Ẹgbẹ́ tí kálukú wà ṣì ṣeé jíròrò títí di Fúráìdè ọjọ́ báyìí.”

Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí ìdí wà. Lẹ́yìn owó àti ọkọ̀ ni mo fi í sí. Ẹni tí kò tíì mọ̀ bóyá wọ́n máa yọ nínú owó rẹ̀ kò lè gbọ́ ìdí kankan, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Kí ìdí náà sì jẹ́ òótọ́. Bí ẹ bá ní “nítorí ire gbogbo wa”, wọ́n á wá ìdí mìíràn fúnra wọn, èyí tí wọ́n bá rí kò ní dára. Gbólóhùn méjì tó gbẹ̀yìn yẹn ló sì máa ń gbani jù. Àwọn ọ̀gá kan máa ń bi òṣìṣẹ́ léèrè pé “kí lẹ rí sí i?” nígbà tí wọ́n ti pinnu tán. Inú máa ń bí ènìyàn sí irú ìyẹn ju àṣẹ gbangba lọ.

Àárọ̀ Túsìdeè tàbí Wẹ́sìdeè ni kí ẹ pè wọ́n jọ, kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn, lákòókò tí wọ́n ń gbowó lé lórí, kí ẹ fúnra yín sọ ọ́, kí ìwé sì wà lọ́wọ́ kálukú. Wásáàpù lè tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kan náà, kó má ṣáájú. Ìròyìn tó bá jáde lálẹ́ Sátidé lórí Wásáàpù, odidi Sọ́ńdè ni wọ́n máa fi túmọ̀ rẹ̀ láìsí ẹ̀yin níbẹ̀. Ẹni tí ẹ bá sì mọ̀ pé ó máa fọwọ́ gbá a jù, bí ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, ẹ pè é lọ́tọ̀ láàárọ̀ kùtù ọjọ́ yẹn gan-an, kí ó má jẹ́ àárín èrò ló ti máa kọ́kọ́ gbọ́. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú ní ẹ̀tọ́ nínú òfin sí ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti tọ́jú ọmọ náà; ẹ má jẹ́ kí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀bẹ̀ fún un.

Bí ẹ bá yọ̀ǹda fún ẹnikẹ́ni láti dúró sí ṣífìtì kan ṣoṣo, ẹ sọ òdiwọ̀n rẹ̀ fún gbogbo wọn: “ẹni tó ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan lè yan ṣífìtì rẹ̀.” Ẹ má sọ ìtàn ẹni náà. Òdiwọ̀n ni àwọn yòókù fẹ́ gbọ́, láti mọ̀ pé bí ó bá kan àwọn náà, àwọn á rí i gbà.

Bí gbogbo wọn bá dákẹ́ nípàdé, ẹ má yọ̀. Ẹ bi súpáfáísọ̀ léèrè lọ́jọ́ kejì ohun tí wọ́n ń bi í. Bí ìbéèrè bá ṣì jẹ́ “ṣé wọn ò ní yọ owó?”, ìkéde kò wọlé, ẹ tún un sọ. Bó bá jẹ́ “ibo ni ọkọ̀ ti máa gbé wa?”, ó ti wọlé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ wo ìwé ìwọlé. Bí àwọn tó ń pẹ́ bá jẹ́ ṣífìtì àárọ̀ nìkan, tí wọ́n sì jẹ́ ará ọ̀nà kan náà, ọ̀ràn ọkọ̀ òwúrọ̀ ni, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ lè sún ìwọlé ẹgbẹ́ yẹn sí aago 7:30 kí wọ́n ṣíwọ́ ní 3:30, kí àwọn tó ń gbé nítòsí máa ṣílẹ̀kùn. Bí wọ́n bá sì ti ń pààrọ̀ ṣífìtì láàárín ara wọn, ẹ má gbẹ́sẹ̀ lé e. Ẹ kàn fi ìwé kan síbi tí àwọn méjèèjì á ti máa fọwọ́ sí i, kó lè hàn ní òpin oṣù ta ló dúró ti ẹ̀rọ owó lálẹ́ wo.