Yíyí orúkọ tí wọ́n fi òwú kọ sára ẹ̀wù padà nínú fọ́tò

"Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, òkè òkun ni mo wà. Oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ wa nílé fi fọ́tò ẹ̀wù kan ránṣẹ́ sí mi, BOLANLE ló wà láyà rẹ̀. Ó ní kí n fi bí BOLATITO yóò ṣe rí hàn òun kí òun tó bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ orúkọ náà lé e lórí, àmọ́ ńṣe ló rí bí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ aṣọ. Báwo ni òwú yóò ṣe máa hàn bí òwú?"

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má tẹ lẹ́tà kankan sí i rárá. Gbogbo òwú tí ẹ nílò ti wà nínú fọ́tò yẹn. BOLA tó wà níwájú kò ní kúrò níbi tó wà. NLE nìkan ni ẹ ó yọ, tí ẹ ó sì fi àwọn òwú tó wà níbẹ̀ tún TITO kọ.

Ẹ kọ́kọ́ sún fọ́tò náà mọ́ra títí ẹ ó fi rí òwú kọ̀ọ̀kan. Irú rírán tí wọ́n sábà máa ń lò fún lẹ́tà ni àwọn oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ ń pè ní sátínì. Nínú rẹ̀, òwú kì í tọ ipa ọ̀nà ìlà lẹ́tà, ńṣe ló máa ń dábùú rẹ̀. Òpó L dúró ṣánṣán, òwú inú rẹ̀ sì sùn láti òsì sí ọ̀tún. Ẹsẹ̀ L tó nà sí ọ̀tún ló sùn, òwú tirẹ̀ sì dúró. Nínú O, òwú ń yí kiri bí àwọn irin tínínrín inú táyà kẹ̀kẹ́, gbogbo wọn kọjú sí àárín. Ìmọ́lẹ̀ kì í bà sára òwú tó dúró bó ṣe ń bà sára èyí tó sùn, nítorí náà òpó àti ẹsẹ̀ lẹ́tà kan náà kì í dán bákan náà. Ìyàtọ̀ dídán yìí ló ń sọ fún ojú pé òwú ni òun ń wò. Lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ kò ní in, ìdí nìyẹn tó fi rí bí ìwé.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo bóyá fọ́tò náà tó iṣẹ́ ṣe. Òwú ẹ̀rọ tó wọ́pọ̀ jù fẹ̀ tó mìlímítà 0.4. Bí lẹ́tà bá ga ní mìlímítà 20 tó sì gba píksẹ́lì 300 nínú fọ́tò, òwú kan ní píksẹ́lì 6. Ìyẹn dára. Bí ó bá jẹ́ píksẹ́lì 2, kò sí ọgbọ́n tó lè gbà á. Ẹ ní kí oníṣẹ́ náà tún un yà láti iwájú gan-an, kí ó sì fi ránṣẹ́ bíi Document nínú WhatsApp, torí fọ́tò tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lásán máa ń dín kù lójú ọ̀nà, òwú ló sì máa ń kọ́kọ́ pòórá.

GIMP ni mo ń lò, ètò kọ̀ǹpútà fún títún fọ́tò ṣe ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ ṣe ẹ̀dà fọ́tò náà sórí Layer mìíràn, ìyẹn ìpele àwòrán tí a ń tò léra, kí ẹ sì kó L, E àti O pamọ́ sórí Layer tiwọn kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi Clone bo NLE pẹ̀lú aṣọ tó wà lókè àwọn lẹ́tà náà gan-an. Ẹ má lo Heal létí lẹ́tà, á fa àwọ̀ òwú wọnú aṣọ, á sì dàbí ibi tí omi ti ràn. Ẹ rí i pé àwọn ìlà híhun aṣọ bára wọn mu, kí ẹ sì bò kọjá etí lẹ́tà díẹ̀, nítorí òjìji rẹ̀ wà lórí aṣọ.

Ó kan títún lẹ́tà kọ, ibí sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Òfin tí mo dì mú ni pé kí gígé máa lọ ní ìbámu pẹ̀lú òwú, kì í ṣe ní ìdábùú rẹ̀. Àárín òwú kan àti èkejì ni àlàfo dúdú tínínrín máa ń wà. Bí ẹ bá gba ibẹ̀ gé e, tí ẹ sì to ègé méjì pọ̀ ní àlàfo kan náà, ojú kò ní rí oríkèé. Bí ẹ bá gé òwú sí méjì, kò sí bí ẹ ṣe máa mú etí rẹ̀ fẹ́lẹ́ tó tí kò ní hàn.

Fún I, ẹ mú òpó L láti orí wá sí ibi tí kò tíì kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Yóò kúrú díẹ̀. Ẹ gé òwú bíi mẹ́wàá láti àárín òpó L kejì, ẹ fi gùn ún. Mo ní L kejì nítorí pé bí ẹ bá lo ègé kan náà lẹ́ẹ̀mejì, okùn kékeré kan tó ta jáde níbẹ̀ á yọ lẹ́ẹ̀mejì, ojú á sì mú un. Òpó T méjèèjì náà, ọ̀nà kan náà ni.

Orí T ni ó gba sùúrù. Ó máa wu yín láti mú òpó kan kí ẹ sì yí i dùbúlẹ̀. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí lórí ẹ̀wù ẹbí wa kan. Òwú kọjú síbi tó yẹ, síbẹ̀ T náà dán ju gbogbo àwọn tó kù lọ, n kò sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ títí mo fi wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ E. Bí a bá yí òpó, a ti yí ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ pẹ̀lú. Apá òkè E ni kí ẹ lò: òwú rẹ̀ ti dúró, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì tọ́. Ó kúrú fún orí T, nítorí náà ẹ fi òwú láti ẹsẹ̀ L gùn ún. Bí ègé kan bá mọ́lẹ̀ ju èkejì, ẹ fi Colors > Curves bá a dọ́gba.

Ẹ wo igun L kí ẹ mọ èyí tó gun orí èkejì níbi tí òpó àti ẹsẹ̀ ti pàdé, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún T. Bí ẹsẹ̀ bá gun orí òpó, ẹ jẹ́ kí apá òkè T náà gun orí òpó tirẹ̀, pẹ̀lú òjìji píksẹ́lì 2 tàbí 3 nísàlẹ̀ rẹ̀.

O ìparí ni ẹ̀dà O àkọ́kọ́. Ẹ má yí ojú rẹ̀ padà sí òdìkejì, ẹ má sì fún un pọ̀, torí òwú á tínínrín ju ti àwọn yòókù lọ. Bí ààyè kò bá tó, ẹ yọ òwú mélòó kan kúrò nínú orí T.

Òjìji ni ó kù. Ẹ ṣí Layer tuntun lábẹ́ àwọn lẹ́tà, ẹ fi sí Multiply, kí ẹ sì mú àwọ̀ òjìji náà láti abẹ́ BOLA, ẹ má lo dúdú lásán. Láti dán an wò, ẹ lo New from Visible nínú Layer láti ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ tí ẹ ó pa rẹ́ níkẹyìn, ẹ gbé ẹ̀dà náà sókè pátápátá, kí ẹ sì sọ ọ́ di dúdú àti funfun pẹ̀lú Colors > Desaturate, kí ẹ sún fọ́tò jìnnà. Bí TITO bá yọ sójú ṣáájú BOLA, dídán rẹ̀ ni kò tíì tọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ àmì, O àkọ́kọ́ nìkan ló gba àmì ìsàlẹ̀. Ègé òpó kékeré ni kí ẹ fi ṣe é. Ẹ jẹ́ kó fẹ̀ ju mìlímítà 1 lọ, torí sátínì tó bá kéré jù bẹ́ẹ̀ kì í jáde dáadáa lára aṣọ.

Ẹ fi PNG ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ náà, kí ẹ tọ́jú XCF, fáìlì GIMP tí gbogbo Layer wà nínú rẹ̀, sọ́wọ́. Ẹ kọ orúkọ náà ránṣẹ́ lọ́tọ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ rẹ̀ kò lè rán fọ́tò: oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò tún to ojú abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì tí ẹ̀rọ náà lè kà, bíi DST, orúkọ tó bá sì wà nínú ìwé yín ló máa tò.