Ibi tí «-ment» ti wá nínú èdè Faransé, àti ibi tó yẹ kó wà nínú gbólóhùn

*Ẹ jọ̀ọ́, kí ni «ment» tó máa ń gbẹ̀yìn àwọn ọ̀rọ̀ Faransé bíi «lentement» túmọ̀ sí gan-an? Kí ló dé tí wọ́n fi ń sọ ọ̀rọ̀ di abo kí wọ́n tó fi í kún un? Mo sì tún máa ń ṣì í gbé sínú gbólóhùn.*

Ọ̀rọ̀ tó dá dúró fúnra rẹ̀ ni nígbà kan rí. Látìnì ló bí Faransé, *mens* sì ni àwọn tó ń sọ Látìnì ń pe ọkàn tàbí èrò. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé irú ọkàn báyìí ni ẹnì kan fi ṣe nǹkan, *mens* á di *mente*. *Clara mente*, ìyẹn ni pé ó fi ọkàn tó mọ́ kedere ṣe é. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn ò rántí ọkàn tó wà níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ń lò ó fún ọ̀nà yòówù tí a gbà ṣe nǹkan, títí ọ̀rọ̀ méjèèjì fi lẹ̀ mọ́ra tí wọ́n di *clairement*.

Ọ̀rọ̀ abo ni *mens* yìí, ọ̀rọ̀ àpèjúwe tó bá sì bá a rìn gbọ́dọ̀ di abo pẹ̀lú. Ohun tó fa ọ̀rọ̀ abo tí ẹ ń béèrè nìyẹn. Àwọn tó ń sọ èdè Sípáníìṣì ṣì ń jẹ́ ká rí i pé ọ̀rọ̀ méjì ni tẹ́lẹ̀, nítorí wọ́n lè sọ pé *lenta y claramente*, kí *mente* kan ṣoṣo ṣiṣẹ́ fún méjèèjì. Faransé ò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì: *lentement et clairement*.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní *lent*, ẹ wá abo rẹ̀, *lente*, kí ẹ tó fi *-ment* kún un: *lentement*. *Heureux* á di *heureuse*, lẹ́yìn náà *heureusement*. *Doux* á di *douce*, lẹ́yìn náà *doucement*. Bí ọ̀rọ̀ akọ bá ti parí sí fáwẹ́lì tẹ́lẹ̀, ẹ kì í fi *e* abo kún un mọ́: *vrai* á fún yín ní *vraiment*, *poli* á fún yín ní *poliment*, *absolu* á fún yín ní *absolument*. *E* abo wà níbẹ̀ láyé àtijọ́ o, ṣùgbọ́n ẹnu ti gbé e mì.

Ibi tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni àwọn ọ̀rọ̀ tó parí sí *-ant* àti *-ent*. *Constant* kì í di *constantement*, *constamment* ló ń jẹ́. *Prudent* náà kì í di *prudentement*, *prudemment* ni. Olùkọ́ sábà máa ń ní kí a kàn há a sórí, ṣùgbọ́n ìdí wà ńbẹ̀. Nínú Látìnì, irú ọ̀rọ̀ àpèjúwe yìí kì í yí padà fún akọ tàbí abo, ìrísí kan náà ló ní fún méjèèjì. Nígbà tí *-ment* lẹ̀ mọ́ ọn, kò sí *e* abo kankan láti dá *nt* àti *m* sí méjì, ni *nt* bá yọ́ mọ́ *m*, tó fi di *mm*. *Lent* ńkọ́, ṣebí òun náà parí sí *-ent*? Látìnì rẹ̀ ní akọ àti abo lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, *lentus* àti *lenta*, ìdí nìyẹn tí *lentement* fi pa *e* abo rẹ̀ mọ́. Ẹ tún kíyè sí ìpè rẹ̀: bí ẹ bá rí *-emment*, bíi nínú *évidemment*, fáwẹ́lì *a* ni kí ẹ pè ṣáájú *mm*, bí ẹ ṣe ń pe ti *constamment* gẹ́lẹ́. Ìyàtọ̀ wọn kò kọjá inú ìwé.

Kì í sì í ṣe gbogbo *-ment* ni ọ̀rọ̀ àpọ́nlé. *Vêtement* jẹ́ aṣọ, *bâtiment* jẹ́ ilé. Àfòmọ́ Látìnì mìíràn, *-mentum*, ló bí ìwọ̀nyí. Bí *un* tàbí *le* bá ṣeé fi ṣáájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ orúkọ ni.

Ó wá ku ibi tó yẹ kó wà. Mo rò pé èdè tiwa gan-an ló ń ṣi yín lọ́nà níbí. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ìṣe, bíi *pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́*, ó sì ní èyí tó máa ń ṣáájú rẹ̀, bíi *sábà*, *tètè* àti *mọ̀ọ́mọ̀*. Ẹ wo gbólóhùn yìí: «Ó sábà máa ń jí ní aago mẹ́fà.» Ẹni tó bá tọ ipasẹ̀ Yorùbá á sọ pé *Il généralement se lève à six heures*. Faransé kò gbà á. Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé kì í wọ àárín olùwà àti ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọjá sẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìṣe: *Il se lève généralement à six heures*.

Bí ọ̀rọ̀ ìṣe bá di méjì, bíi *a parlé*, àyè méjì ló ṣí sílẹ̀: àárín wọn tàbí ẹ̀yìn wọn. Ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Bó bá ń sọ bí a ṣe ṣe nǹkan náà, ẹ̀yìn ló máa ń bá a mu jù: *Elle a parlé lentement*. Bó bá ń sọ bí nǹkan ṣe tó, tàbí bó ṣe dá wa lójú tó, àárín ni: *Il a complètement oublié*, *Elle a probablement raison* (níbi tí *raison* ti tẹ̀lé *a* bí ẹni pé ara ọ̀rọ̀ ìṣe ni). Àwọn kéékèèké tí kò ní *-ment*, bíi *bien*, *mal* àti *déjà*, àárín náà ni wọ́n sábà máa ń wà: *Il a bien mangé*. Ẹ lè rí *Il a lentement ouvert la porte* nínú ìwé, kò sì burú. Èyí tí ẹ kò ní rí ni *Il lentement a ouvert*.

Àyè kẹta ni iwájú gbólóhùn pẹ̀lú kọ́mà, ìtumọ̀ sì máa ń yí padà níbẹ̀. *Il a répondu naturellement* ń sọ pé kò fi ìnira kankan dáhùn, bí ìṣe rẹ̀ ṣe rí. *Naturellement, il a répondu* ń sọ pé ó dáhùn, bó ṣe yẹ ká retí. Nínú èyí àkọ́kọ́, ìdáhùn ni ọ̀rọ̀ náà ń pọ́n. Nínú ìkejì, èrò ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí gbogbo gbólóhùn ni.

Ibi tí mo ti ń rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n fara balẹ̀ jù ni ẹ̀gbẹ́ *pas*. *Il n'a pas vraiment compris*: kò fi bẹ́ẹ̀ yé e, bóyá díẹ̀ yé e. *Il n'a vraiment pas compris*: kò yé e rárá. Ọ̀rọ̀ tó bá wà lẹ́yìn *pas* ni *pas* ń kọ̀, èyí tó bá wà níwájú rẹ̀ kò fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ sọ pé ó ṣeé ṣe kó má wá, *probablement* kò gbọ́dọ̀ bọ́ sẹ́yìn *pas*, torí kì í ṣe ṣíṣeéṣe náà lẹ ń kọ̀. Ẹ sọ pé *Il ne viendra probablement pas*.